Nígbà tí Pápá Di Òkúta: Ìtàn Iṣẹ́ tí Kóòṣì Ń Rán ní Àkókò Òtútù

Ẹni tí ó bá ti lo ju ọdún kan lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí mọ̀ pé láàárín oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, iṣẹ́ kan wà tí ó máa ń kan àwọn agbábọ́ọ̀lù wa léraléra: "Kò sí ìdánrawò ní pápá lónìí, ẹ pàdé wa níbòmíràn." A ti gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ títí ó fi sú wa. Ṣùgbọ́n bí a bá bojú wẹ̀yìn, a ó rí i pé iṣẹ́ kékeré yìí ní ìtàn tirẹ̀. Òtútù kan wà tí ó sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ yìí ń ṣe lójoojúmọ́ fún oṣù méjì gbáko. Òtútù ọdún 1962 sí 1963 ni. Òun ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, kí a sì wo ohun tí ó kọ́ wa nípa bí a ṣe ń gbé ìdánrawò kúrò ní ibì kan lọ sí òmíràn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọnù sọ́nà.

Òtútù náà

Òjò dídì bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì, ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá, 1962. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò kò kúrò nílẹ̀ títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, 1963. Nínú oṣù Kìíní ọdún náà, bí a bá ro ọ̀sán mọ́ òru tí a sì pín in dọ́gba, ìwọ̀n 2.1 ní ìsàlẹ̀ òdo lórí Sẹ́ńtígíréèdì ni afẹ́fẹ́ wà ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ rántí pé òdo gan-an ni omi ti ń di yìnyín. Kò sí oṣù mìíràn tí ó tutù tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọ̀rúndún ogún níhìn-ín. Òkun pàápàá dì ní etíkun Herne Bay ní Kent.

Ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ni ó yẹ kí wọ́n gbá ìpele kẹta ìdíje ife-ẹ̀yẹ FA. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 32 ni ó wà nílẹ̀, mẹ́ta péré ni wọ́n rí gbá lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ 66 ni ìpele kan ṣoṣo yìí gbà kí ó tó parí, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta. Ìgbà 15 ni wọ́n sún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Lincoln City àti Coventry City síwájú. Ní ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì, ìgbà 33 ni wọ́n sún ti Airdrie àti Stranraer. Láti ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá títí di ọjọ́ 16 oṣù Kejì, Bolton Wanderers kò gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì kankan.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ará ilé wa náà. Àwọn bàbá àti ẹ̀gbọ́n wa tí ń ta tẹ́tẹ́ pọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà, bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa ń fi ta á. Bí wọn kò bá gbá bọ́ọ̀lù, kí ni wọn ó fi mọ ẹni tí ó jẹ? Nítorí irú ìdààmú yìí ni àwọn ilé-iṣẹ́ pọ́ọ̀lù ilẹ̀ yìí fi kó àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù jọ sínú yàrá kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 26 oṣù Kìíní, 1963, pé kí wọ́n sọ bí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí a kò gbá ìbá ti parí bí a bá gbá a. Tẹ́tẹ́ rí ọ̀nà gbà báyìí. Ṣùgbọ́n kò sí ìgbìmọ̀ tí ó lè jókòó sínú yàrá kí ó bá agbábọ́ọ̀lù ṣe ìdánrawò. Ẹni tí kò bá sáré fún oṣù méjì, ara rẹ̀ yóò sọ ọ́ fún un nígbà tí yìnyín bá yọ́. Ohun tí ó wà níwájú àwọn kóòṣì nìyẹn.

Kí ni ó ń ṣe pápá?

Àwa tí a dàgbà sórí ilẹ̀ pupa mọ pápá líle dáadáa. Nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ a le bí àpáta, a ó sì máa gbá bọ́ọ̀lù wa lọ. Nígbà tí ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà kọ́kọ́ wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1949, tí Teslim Balógun wà nínú wọn, ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ wọn fi gbá a. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé a máa bínú nígbà tí wọ́n bá sọ fún un pé pápá le jù. Ṣùgbọ́n líle ti yìnyín yàtọ̀ sí líle ti ọ̀gbẹlẹ̀.

Ilẹ̀ tí ó gbẹ le, ṣùgbọ́n kì í yọ̀. Pápá tí ó dì, omi inú rẹ̀ ni ó di yìnyín. Ibi tí ẹsẹ̀ ti tẹ ẹrẹ̀ mọ́lẹ̀ lánàá, tí etí rẹ̀ dúró ṣánṣán, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni yóò ṣe dì, etí ẹrẹ̀ náà a sì mú bí ọ̀bẹ. Èyí tí ó burú jù ni ti ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá yọ díẹ̀. Òkè pápá á yọ́ ní ìwọ̀n ìka kan, ìsàlẹ̀ á ṣì wà ní dídì. Omi òkè kò ní rí ibi wọlé sí. Agbábọ́ọ̀lù yóò rò pé ilẹ̀ ti rọ̀, bàtà rẹ̀ yóò wọlé díẹ̀, yóò sì kan yìnyín nísàlẹ̀. Bí ó bá yí lójijì, ẹsẹ̀ yóò yọ̀ lọ, orúnkún kò sì ní tẹ̀lé e. Nínú pápá kan náà, ibi tí oòrùn ń tàn sí lè rọ̀, kí òjìji ilé ìwòran mú kí apá kejì ṣì le.

Nítorí èyí, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kì í dúró lójúkan kí ó fi ojú wo pápá. Yóò rìn ín já, pàápàá ẹnu góòlù méjèèjì àti ibi tí òjìji wà. Yóò fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀, yóò sì fi kọ́kọ́rọ́ tàbí ìṣó gígùn gún un. Bí kọ́kọ́rọ́ bá wọlé ní ìrọ̀rùn tí kò sì kan ohun líle, ó dára. Bí ó bá wọlé díẹ̀ tí ó dúró gbagidi, yìnyín wà lábẹ́. Bí kò bá tilẹ̀ wọlé rárá, ọ̀rọ̀ ti parí. Ti omi òjò rọrùn láti mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ yí bọ́ọ̀lù lórí pápá. Bí ó bá dúró gọ́ọ́ sínú omi, tí omi sì ń yọ sókè yí bàtà ká ní gbogbo ìṣísẹ̀, ẹ padà sílé. Wákàtí kan ìdánrawò lórí irú pápá bẹ́ẹ̀ a máa tú koríko rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí olùtọ́jú pápá fi máa ń ti gééètì kí kóòṣì tó dé.

Wọ́n kọ́kọ́ bá pápá jà

Àwọn ẹgbẹ́ kò gbà lẹ́ẹ̀kan náà pé àwọn yóò kó kúrò lórí pápá. Wọ́n kọ́kọ́ bá yìnyín jà. Àwọn kan tẹ́ koríko gbígbẹ sí i. Àwọn kan da iyọ̀ sí i, iyọ̀ a máa yọ́ yìnyín lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń pa koríko. Norwich City gbé ohun èlò tí ń tu iná jáde lé pápá lórí. Yìnyín yọ́, ṣùgbọ́n omi tí ó yọ́ kò rí ibi lọ, òtútù alẹ́ a sì tún mú un dì. Halifax Town ní tiwọn gba kádàrá: wọ́n ṣí pápá wọn sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láti wá máa fi bàtà onírin yọ̀ lórí yìnyín.

Everton ti gbìyànjú ohun tí ó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú ìgbà náà. Ní 1958 wọ́n ri wáyà iná mànàmáná tí ó gùn tó máìlì 20 sábẹ́ pápá Goodison Park, kí ó lè máa mú ilẹ̀ gbóná. Yìnyín ń yọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n omi tí ó ń yọ́ pọ̀ ju ohun tí ojú ìṣàn abẹ́ ilẹ̀ lè gbé lọ. Ní 1960 wọ́n ní láti hú pápá náà kí wọ́n tó lè fi ojú ìṣàn tuntun sí i. Ẹ kíyè sí i pé ohun kan náà ni ó mú Norwich àti Everton. Kì í ṣe yíyọ́ yìnyín ni ìṣòro; ibi tí omi yóò gbà lọ ni.

Leicester City ni ọwọ́ wọn ṣe dé dáadáa. Olùtọ́jú pápá wọn ti fi ajílẹ̀ tọ́jú ilẹ̀ náà ṣáájú, ó sì ń dáná sínú àwọn àgbá tí ó tò kiri orí pápá. Wọ́n rí bọ́ọ̀lù gbá nígbà tí àwọn ẹlòmíràn jókòó, wọ́n sì ń borí, débi pé àwọn oníwèé ìròyìn fi wọ́n joyè ọba yìnyín. Wọ́n dé àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ FA, tí wọ́n ti sún sí ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún, Manchester United sì fi góòlù mẹ́ta sí ẹyọ kan lù wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ó lè ṣe bíi ti Leicester kò pọ̀. Ní ti ìdánrawò pàápàá, kò sí ẹni tí yóò dáná sórí pápá ní àràárọ̀ kí àwọn agbábọ́ọ̀lù lè sáré lásán. Ó di dandan kí wọ́n kó lọ síbòmíràn.

Ibi tí wọ́n kó lọ

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n gbà. Àwọn tí ó lówó fò lọ sí ibi tí oòrùn wà tàbí ibi tí yìnyín kò pọ̀: Chelsea lọ sí erékùṣù Málítà, Manchester United àti Coventry City sì kọjá sí Áyálándì, wọ́n bá ara wọn gbá bọ́ọ̀lù ọ̀rẹ́ ní Dublin nínú oṣù Kejì. Èyí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ aláìlówó bíi tiwa, ẹ jẹ́ kí a fi sílẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni etí òkun. Òkun kì í dì kíákíá bí omi odò, nítorí iyọ̀ inú rẹ̀. Ó tó nǹkan bí ìwọ̀n méjì ní ìsàlẹ̀ òdo kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí dì, ìgbì rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ó sinmi. Iyanrìn tí òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ fà kúrò lórí rẹ̀ a máa tutù, a sì máa fẹsẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í le bí òkúta. Ó dára fún eré sísá. Ṣùgbọ́n òkun ní aago tirẹ̀. Lójoojúmọ́ ni ìgbà tí òkun ń fà ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 sún síwájú. Bí ó bá fà pátápátá ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun yóò ku nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí agogo mọ́kànlá lù, nígbà tí yóò bá fi di ọjọ́ Ẹtì yóò ti kọjá agogo kan ọ̀sán. Kóòṣì tí ó bá kọ ọ́ pé "ìdánrawò ní etí òkun, agogo mẹ́wàá lójoojúmọ́" yóò bá àwọn ọmọ rẹ̀ nínú omi kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Nítorí náà, bí iṣẹ́ bá gbé wa lọ sí etí òkun, ó gbọ́dọ̀ dárúkọ wákàtí tuntun fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀nà kẹta ni abẹ́ òrùlé: gbọ̀ngàn ìdárayá, abẹ́ ilé ìwòran, tàbí gbọ̀ngàn ìjọ. Èyí ni ọ̀nà tiwa pẹ̀lú. Ohun tí ó ń dààmú ènìyàn níbẹ̀ ni àyè. Pápá bọ́ọ̀lù gùn tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà, ènìyàn 22 a sì rí àyè sáré lórí rẹ̀. Gbọ̀ngàn ìdárayá ilé-ẹ̀kọ́ kò lè gba ju ènìyàn mẹ́wàá tàbí méjìlá lọ tí wọn ó lè sáré láìforí gbárí. Ilẹ̀ rẹ̀ tún jẹ́ pákó tàbí sìmẹ́ńtì, bàtà bọ́ọ̀lù onísọ́bọ́ kò sì gbọ́dọ̀ kàn án: á yọ̀, á sì ba ilẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, bí a bá ti gbé ìdánrawò wọ inú ilé, kì í ṣe ibi nìkan ni ó yí padà. Àkókò yí padà, nítorí a ó pín ikọ̀ sí méjì. Bàtà yí padà. Ohun tí a ó ṣe pàápàá yí padà. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ tí ó sọ pé "a ti kó lọ sí gbọ̀ngàn" kò fi tíì sọ ìdajì ohun tí ó yẹ kí ènìyàn gbọ́.

Bí iṣẹ́ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ ènìyàn

Ní 1963, ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní tẹlifóònù níhìn-ín. Títí di oṣù Kìíní 1961, òfin wà pé owó ọ̀sẹ̀ agbábọ́ọ̀lù kò gbọ́dọ̀ ju £20 lọ, nítorí náà àwọn tí wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù jẹun pàápàá ń gbé láàárín àwọn òṣìṣẹ́ yòókù, wọ́n sì ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀nà tí ó dájú jù ni pátákó ìkéde ní ẹnu ọ̀nà yàrá ìmúra. Ní òwúrọ̀ gbogbo, wọ́n ó wá sí pápá bí ìṣe wọn, wọ́n ó ka pátákó, wọ́n ó sì jọ lọ sí ibi tí ó bá darí wọn sí. Ọ̀nà yìí lọ́ra, ṣùgbọ́n kò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀, nítorí pé gbogbo wọn ti péjọ sí ojú kan kí wọ́n tó gbọ́ ọ.

Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò ní irú àǹfààní yẹn. Ẹnì kan ń gbé ní ìlà-oòrùn ìlú, èkejì ní ìwọ̀-oòrùn, wákàtí kan lè wà láàárín wọn nínú ọkọ̀ ojú irin. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ wá ka pátákó, ọjọ́ ti bàjẹ́. Nítorí èyí ni àwọn tí ó ṣáájú wa fi ń lo ohun tí a lè pè ní ẹ̀ka igi. Kóòṣì á pe ènìyàn méjì lórí tẹlifóònù. Ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú wọn á pe ènìyàn méjì. Àwọn mẹ́rin wọ̀nyí, ẹnì kọ̀ọ̀kan á tún pe méjì. Méjì, mẹ́rin, mẹ́jọ: ènìyàn 14 ti gbọ́, kò sì sí ẹni tí ó san ju owó ìpè méjì lọ.

Ó dára tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ó ti lè dá. Ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà, tẹlifóònù kan ṣoṣo ni ó máa ń wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọjá ni ó ń gbé e. Ká ní ọ̀kan nínú ènìyàn méjì àkọ́kọ́ kò sí nílé, tí aládùúgbò rẹ̀ sọ pé òun yóò jíṣẹ́, tí ó sì gbàgbé. Òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́. Ènìyàn méjì tí ó yẹ kí ó pè kò gbọ́. Ènìyàn mẹ́rin tí àwọn yẹn yẹ kí wọ́n pè kò gbọ́. Ẹni méje nínú 14 ni yóò dúró sínú òtútù lẹ́nu gééètì títì, nítorí ẹnì kan ṣoṣo. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́jọ ìkẹyìn ni kò sí nílé, òun nìkan ni yóò pàdánù. Nítorí náà, àwọn tí ó máa ń wà nílé ni a ń fi sókè igi. Ipò balógun ikọ̀ tàbí òkìkí agbábọ́ọ̀lù kò ní ohun kan ṣe níbẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn, àwọn tí ó ṣáájú wa sì mọ̀ ọ́n: àwọn mẹ́jọ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ igi ni kí wọ́n pe kóòṣì padà. Bí ìpè mẹ́jọ bá wọlé, gbogbo ẹ̀ka ti gbọ́. Bí mẹ́rin láti apá kan kò bá wọlé, kóòṣì mọ ẹ̀ka tí ó dá gan-an, yóò sì pe àwọn yẹn fúnra rẹ̀. Àwọn àgbà wa kúkú sọ pé ẹni tí ó bá rán ni níṣẹ́ ni a ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Iṣẹ́ tí kò bá ní èsì, a kò tíì jẹ́ ẹ.

Ìgbà wo ni kí a rán an?

Èyí ni ibi tí ọ̀pọ̀ kóòṣì ti ń wà láàárín ìdààmú méjì. Ilẹ̀ a máa tutù jù ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ní nǹkan bí ìgbà tí oòrùn bá fẹ́ yọ. Ẹni tí ó bá pinnu ní alẹ́ lè gbé ìdánrawò kúrò lórí pápá tí kò ní dì. Ẹni tí ó bá dúró di òwúrọ̀ lè bá àwọn ọmọ rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. Ọgbọ́n tí ó tọ́ ni pé kí iṣẹ́ jẹ́ méjì. Ti alẹ́ yóò sọ pé: "Ó ṣeé ṣe kí pápá dì. Ẹ kó bàtà oríṣi méjèèjì sínú àpò. Ẹ óò gbọ́ èyí tí ó dájú kí agogo méje àbọ̀ tó lù." Ti òwúrọ̀ yóò sọ ibi tí a ń lọ.

Ṣùgbọ́n ohun kan tún wà tí a gbọ́dọ̀ fẹnu kò sí láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà: kí ni ìdákẹ́jẹ́ túmọ̀ sí? Bí agogo méje àbọ̀ bá kọjá tí ẹnì kan kò gbọ́ nǹkan kan, ṣé kí ó lọ sí pápá ni, àbí kí ó jókòó sílé? Bí a kò bá tíì sọ ọ́, ìdajì yóò lọ, ìdajì yóò jókòó, olúkúlùkù yóò sì ní àwíjàre. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, ohun tí a fẹnu kò sí ni pé ẹni tí kò bá gbọ́ nǹkan, gbọ̀ngàn ni kó wá. Gbọ̀ngàn ní òrùlé, olùṣọ́ sì wà níbẹ̀ tí a lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé pápá ni a wà, olùṣọ́ yóò darí rẹ̀ síbẹ̀.

Mọ̀nàmọ́ná nìkan ni kò gba irú ètò yìí, nítorí kì í ṣèlérí láti alẹ́. Bí a bá rí i tí ó kọ mọ̀nà, kí a máa ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Bí àrá bá sán kí a tó ka 30, kò jìnnà ju kìlómítà mẹ́wàá lọ, kí gbogbo wa kúrò lórí pápá lójú ẹsẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì padà síbẹ̀ títí ìṣẹ́jú 30 yóò fi kọjá lẹ́yìn àrá ìkẹyìn. Níbẹ̀, fèrè kóòṣì ni iṣẹ́.

Iṣẹ́ kan tí ó pé

Ní òtútù kan, iṣẹ́ kan wá sọ́wọ́ wa báyìí: "Pápá kò dára. Ibi tí a lò nígbà yẹn, àkókò bí ti tẹ́lẹ̀." Gbogbo wa ni ó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ibi mẹ́ta ni a lọ. Àwọn tí ó ti wà nínú ẹgbẹ́ láti ọdún kejì lọ sí gbọ̀ngàn ìjọ. Àwọn tuntun lọ sí gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́. Ẹnì kan kà á pé a ti fagi lé ìdánrawò pátápátá, ó padà sùn. Kò sí ẹnì kan tí ó ṣi iṣẹ́ náà kà. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni kò dárúkọ ibì kankan, tí kò sì sọ bóyá ìdánrawò ṣì wà.

Ẹ wá wo èyí tí a ń lò báyìí:

"Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 12 oṣù Kìíní. Ìdánrawò WÀ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní pápá. Pápá ti dì, wọ́n ti ti gééètì. Gbọ̀ngàn ìdárayá ilé-ẹ̀kọ́ ni kí ẹ wá, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Àwọn ẹlẹ́yìn àti amúlé: agogo mẹ́wàá sí mọ́kànlá. Àwọn àárín àti iwájú: agogo mọ́kànlá sí méjìlá. Bàtà rọ́bà nìkan. Ẹ dáhùn kí agogo mẹ́jọ tó lù."

Kò gùn, ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe tò ó. Ọjọ́ ni ó kọ́kọ́ dárúkọ, kí ẹnikẹ́ni má baà ka iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá bí ti òní. Lẹ́yìn náà ni ó sọ bóyá ìdánrawò wà tàbí kò sí, nítorí ẹni tí oorun ń kùn kò ní ka ju ìlà méjì lọ. Ó sọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn kan, kí ẹnikẹ́ni má lọ yẹ pápá wò fúnra rẹ̀. Ibi, ẹnu ọ̀nà, àkókò ẹnì kọ̀ọ̀kan, bàtà. Ó sì parí sí èsì, gẹ́gẹ́ bí àwọn mẹ́jọ ìsàlẹ̀ igi ti máa ń pe kóòṣì padà.

Láti ìgbà tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ kíkọ àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sórí fóònù alágbèéká nílẹ̀ yìí ní oṣù Kejìlá 1992, títí dé orí wọ́ọ̀tsáàpù tí gbogbo wa ń lò, ẹ̀ka igi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Ẹ̀ẹ̀kan ni kóòṣì ń kọ ọ́, gbogbo ènìyàn 14 a sì rí i. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó dé orí fóònù kò tíì dé etí ẹni tí ó sùn, tàbí ẹni tí iná fóònù rẹ̀ ti tán. Bí ènìyàn 11 bá dáhùn, ẹni mẹ́ta ṣẹ́ kù, kí a sì pe àwọn mẹ́ta yẹn lórúkọ kí wọ́n tó jáde nílé. Ní sáà yìí, akọ̀wé eré ìdárayá ni yóò máa ṣe ìpè náà ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀. Ẹni tí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ bá ti yí padà, kí ó fún un ní tuntun kí oṣù Kọkànlá tó wọlé.